Bí A Ṣe Ń Ka Sí-fí Ọmọ Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Jáde ní Yunifásítì

Sí-fí ẹni tó ti ṣiṣẹ́ rí máa ń sọ ibi tó ti ṣiṣẹ́, ọdún tó lò níbẹ̀ àti ipò tó dé. Ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì kò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ní Nàìjíríà, ohun mẹ́ta ló sábà máa ń dípò rẹ̀: pírójẹ́ẹ̀tì tó kọ kó tó gboyè, áítì tó lọ ṣe nígbà tó wà nílé ẹ̀kọ́, àti ọdún kan tó fi sin orílẹ̀-èdè gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀. Àwọn agbanisíṣẹ́ kan máa ń fo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá, wọ́n á ní ọmọ náà kò ní ìrírí, gíréèdì rẹ̀ nìkan ni wọn yóò fi dá a lẹ́jọ́. Àwọn mìíràn á gba gbogbo rẹ̀ gbọ́ bí wọ́n ṣe bá a nínú ìwé. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀rí gidi wà nínú nǹkan mẹ́ta náà, ó kàn ní ibi tí ẹni tó ń kà á ti gbọ́dọ̀ wá a ni.

Kí ẹnikẹ́ni tó ṣí sí-fí kan, ó yẹ kó kọ́kọ́ kọ ohun tí ẹni tuntun náà yóò máa ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀. A lè fi ilé-iṣẹ́ omi inú ọ̀rá kan ní Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ, irú èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní píọ̀ wọ́tà, tó ń wá ọ̀dọ́ kan tí yóò máa yẹ omi wò. Láràárọ̀, ọ̀dọ́ náà yóò bu omi láti inú táńkì àti lẹ́nu ẹ̀rọ. Yóò wọn pH rẹ̀, èyí tí ìlànà omi mímu ilẹ̀ Nàìjíríà ní kó wà láàárín 6.5 sí 8.5. Yóò wá kòkòrò ikólì, tó máa ń ti inú ìgbẹ́ ènìyàn tàbí ti ẹranko wá, tí kò sì gbọ́dọ̀ sí rárá nínú mílílítà 100 omi mímu. Yóò kọ ohun tó rí sínú ìwé. Ìgbà mìíràn wà tí yóò ní láti lọ bá mánẹ́jà pé kí wọ́n má gbé omi ọjọ́ yẹn jáde, nígbà tí ọkọ̀ àwọn oníbàárà ti tò síta. Ohun tí iṣẹ́ náà ń béèrè kò ju mẹ́rin lọ: ọwọ́ tó mọ́, ìwọ̀n tó péye, àkọsílẹ̀ òtítọ́ àti ọkàn tí kì í bẹ̀rù. Gbólóhùn èyíkéyìí nínú sí-fí tí kò bá kan ọ̀kan nínú mẹ́rin yìí, bó ti wù kó dùn tó, a lè fo ó.

Ó ṣeé ṣe kí ọmọ méjì tí wọ́n ka ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò àìfojúrí mú sí-fí wá fún iṣẹ́ náà, kí pírójẹ́ẹ̀tì àwọn méjèèjì sì jẹ́ lórí omi bọ́hóòlù. Ẹni àkọ́kọ́ kọ ọ́ pé òun ṣe àyẹ̀wò kòkòrò inú omi bọ́hóòlù ní ìjọba ìbílẹ̀ kan, pé òun ní ìmọ̀ tó jinlẹ̀ nípa iṣẹ́ láàbù, òun sì mọ bí a ṣe ń bá ènìyàn ṣiṣẹ́ pọ̀. Ẹnì kejì kọ ọ́ pé òun bu omi nínú bọ́hóòlù mẹ́jọ, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Òun gbìn ín sórí ágà Mákọ́ńkì, òun sì gbé e sínú ínkúbétọ̀ ní 37°C fún wákàtí 24. Kólífọ́ọ̀mù hù nínú omi bọ́hóòlù mẹ́ta, méjì nínú wọn kò sì jìnnà sí ṣáláńgá. Ó fi kún un pé òun ló bu omi, tó sì ka àwo, pé ẹnì kejì òun ló ṣe ti kẹ́míkà.

Ohun tó mú ti ẹnì kejì lágbára ni pé a lè bi í ní ìbéèrè. Bọ́hóòlù mẹ́jọ, ẹ̀ẹ̀mẹfà, ìgò omi 48 nìyẹn. Tó bá gbin ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì bó ṣe yẹ, àwo pẹ́tírì 96 ni yóò kà. Níbo ló ti rí àwo tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Kí ló ṣe sí àwo tí ohun tó hù lórí rẹ̀ pọ̀ ju 300 lọ, tí kò ṣeé kà dáadáa mọ́? Gbólóhùn tó fi sọ ohun tí òun kò ṣe tún ṣe pàtàkì ju bó ṣe rí lójú lọ. Ẹgbẹ́ ni wọ́n ń pín ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sí báyìí, nítorí náà ẹni tó bá sọ ìpín tirẹ̀ láìgba ti ẹlòmíràn mọ́ ọn ti fi àmì kan hàn pé àkọsílẹ̀ òun ṣeé gbára lé. Àkọlé pírójẹ́ẹ̀tì kò yẹ kó gba maàkì púpọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí olùkọ́ ló sábà máa ń yàn án.

Kò pamọ́ pé àwọn kan ń kọ pírójẹ́ẹ̀tì fún akẹ́kọ̀ọ́ láti gba owó. Ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìwé kò lè tú wọn fó. Tí a bá béèrè àwọ̀ tí kólífọ́ọ̀mù máa ń ní lórí ágà Mákọ́ńkì, ẹni tó kàwé lálẹ́ àná lè dáhùn pé ó máa ń pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n tí a bá béèrè ohun tó ṣe nígbà tí iná lọ ní òru tí àwo rẹ̀ wà nínú ínkúbétọ̀, ẹni tó ṣiṣẹ́ náà yóò ní ìtàn lẹ́nu lójú ẹsẹ̀. Bóyá ó pe ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀, bóyá ó da gbogbo rẹ̀ nù, tó sì lọ bu omi mìíràn. Ẹni tó bá ní gbogbo nǹkan lọ geere láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nínú láàbù ilẹ̀ wa, ó yẹ kí a tún rọra bi í síwájú sí i.

Áítì ní ẹ̀rí tirẹ̀ tó yàtọ̀. Ọdún 1973 ni àjọ ITF, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1971, bẹ̀rẹ̀ ètò SIWES tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe é gan-an. Oṣù mẹ́fà ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì ní yunifásítì máa ń lò. Wọ́n máa ń fún wọn ní lọ́ọ̀gùbúùkù tí wọn yóò máa kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ sí, tí ọ̀gá ibi iṣẹ́ àti olùkọ́ wọn yóò sì máa fọwọ́ sí. Ìwé yìí ni agbanisíṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè, ó sì yani lẹ́nu bí àwọn tó ń béèrè rẹ̀ ṣe kéré tó. Sí-fí kò lè fún un ju ìlà méjì lọ, lọ́ọ̀gùbúùkù sì ní ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́rìnlélógún nínú.

Lọ́ọ̀gùbúùkù tí a kọ lójoojúmọ́ kì í mọ́ tónítóní. Bírò rẹ̀ á yí padà, ojú ewé kan á dọ̀tí, iṣẹ́ ọjọ́ kan á gùn, ti ọjọ́ kejì á jẹ́ ìlà kan ṣoṣo. Ẹni tó lo mítà pH gidi á ti kọ ọ́ níbì kan pé àwọn fi omi bọ́fà 4 àti 7 tún un tò kí wọ́n tó lò ó, tàbí pé ó bàjẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Èyí tí a jókòó kọ lẹ́ẹ̀kan náà máa ń jẹ́ bírò kan látòkèdélẹ̀, ìtumọ̀ inú ìwé ẹ̀kọ́ ló sì máa ń kún un: ohun tí ágà jẹ́, ìwúlò ínkúbétọ̀. Nígbà mìíràn iṣẹ́ ọjọ́ Àìkú tàbí ti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá, ọjọ́ òmìnira, á wà níbẹ̀. Èyí nìkan kò tó láti dá ènìyàn lẹ́bi, torí ilé-iṣẹ́ kan kì í ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ ìsinmi. Ó tó láti béèrè.

Orúkọ ibi tí wọ́n ti ṣe áítì ló máa ń tan agbanisíṣẹ́ jẹ jù. Àyè kò pọ̀, ẹni tí òbí rẹ̀ mọ ènìyàn ló sábà máa ń rí ilé-iṣẹ́ ńlá wọ̀. Bí ẹni àkọ́kọ́ wa bá ṣe tirẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ọtí tó lókìkí, tí lọ́ọ̀gùbúùkù rẹ̀ sì fi hàn pé fáìlì ló ń gbé láti ọ́fíìsì kan sí èkejì, ẹnì kejì tó fi oṣù mẹ́fà kọ orúkọ sára ìgò àyẹ̀wò ní láàbù ilé ìwòsàn kékeré sún mọ́ iṣẹ́ tí a ń wá ènìyàn sí jù ú lọ. Ẹni tó bá fi orúkọ aláìsàn kan sára ìgò ẹlòmíràn ti fi ènìyàn sínú ewu, ẹni tó sì ti kọ́ bí a ṣe ń yẹra fún un kò ní ṣi omi ọjọ́ Ajé pè ní ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ọdún àgùnbánirọ̀ kò gba àlàyé tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n ń rán lọ máa kọ́ni nílé ẹ̀kọ́, ohun yòówù tí wọ́n kọ́ ní yunifásítì. Kò yẹ kí a fi ìyẹn dá wọn lẹ́bi, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a rántí pé ọwọ́ tí kò kan àwo fún ọdún kan lè ti gbàgbé nǹkan. Bákan náà ni àlàfo inú ọdún. Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì ti 2022 nìkan gba láti ọjọ́ 14 oṣù kejì títí dé ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá, ọ̀kan tó gùn sì ti wáyé ní 2020. Ọmọ tó lo ọdún mẹ́fà fún ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin lákòókò yẹn lè má ṣe ohunkóhun tó burú. Ní ti gíréèdì, ó dára láti fi mọ ẹni tó jókòó ti ìwé rẹ̀. Àmọ́ tí a bá lò ó láti yàgò fún gbogbo ẹni tí kò ní Sẹ́kẹ́ńdì Kíláàsì Ọ́pà, a lè ti lé ẹni tó ka àwo 96 lọ.

Síbẹ̀, kò yẹ kí a tètè sọ sí-fí ẹni àkọ́kọ́ nù. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ẹnikẹ́ni kò kọ́ ní bí a ṣe ń kọ sí-fí rí. Wọ́n rí ti ọ̀rẹ́ wọn, wọ́n sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ gidi lè wà lábẹ́ gbólóhùn tó fẹ́lẹ́. Ìpè fóònù ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó, kí a bi í ní iye omi tó bu àti ohun tó bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Tí ìdáhùn bá wà, kí a pe àwọn méjèèjì wá, kí a gbé mítà pH, bọ́fà àti ife omi kan síwájú wọn, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ọjọ́ mẹ́rin tó ka 6.9, 7.1, 7.0 àti 9.8. Kí a wá wò ó bóyá wọn yóò tún mítà tò kí wọ́n tó wọn omi, kí a sì gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ nípa 9.8 yẹn. Ẹni tó bá ní òun yóò kọ́kọ́ yẹ mítà wò, kí òun tún omi náà wọ̀n, kí wọ́n sì dá omi ọjọ́ náà dúró títí àbájáde yóò fi jáde, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dáhùn gbogbo ohun tí ìwé lè fi hàn.

Bóyá ó lè dúró níwájú mánẹ́jà tó ń bínú ni kò sí pírójẹ́ẹ̀tì tó lè sọ. Ìdí nìyẹn tí oṣù mẹ́ta ìdánwò lẹ́nu iṣẹ́ fi wà. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́, kí ẹni tó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ náà máa tún omi kan náà yẹ̀ wò lọ́tọ̀, kí wọ́n máa fi àbájáde méjèèjì wéra lójoojúmọ́, kí ó sì hàn sí mánẹ́jà láti ọjọ́ kìíní pé ọ̀rọ̀ ẹni tuntun náà tó láti dá ọkọ̀ dúró.