Gbé e, fi í ránṣẹ́, tàbí tà á: ẹrù ẹni tó ń lọ ṣiṣẹ́ ní Ìlú Ọba

Ẹrù kì í pọ̀ lójú ẹni tó ni ín, àfi ìgbà tí wọ́n bá gbé e ka orí òṣùwọ̀n ní pápákọ̀ òfuurufú. Ọ̀pọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì láti Èkó sí Lọ́ńdọ́nù máa ń fàyè gba báàgì ńlá méjì, kílò 23 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú báàgì kékeré kan tí èèyàn á gbé wọ inú ọkọ̀. Ọkọ̀ kan yàtọ̀ sí èkejì o. Ohun tí wọ́n kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì yín ni kí ẹ kà, ẹ má gbára lé ohun tí ẹ̀gbọ́n tó lọ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn sọ. Ká ṣáà ti fi kílò 46 ṣe ìṣirò.

Ẹ jẹ́ ká mú nọ́ọ̀sì kan ní Ìbàdàn, tó ríṣẹ́ sí ọsibítù ní Líìdìsì. Òun ló kọ́kọ́ ń lọ, ọkọ àti ọmọ ń bọ̀ lẹ́yìn. Yàrá méjì àti pálọ̀ ni wọ́n ń gbé ní Bódìjà, ilé náà sì kún: fíríìjì, jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ ìlọta, ìkòkò, aṣọ òkè, ìwé, mọ́tò àlòkù kan. Ìbéèrè mẹ́ta péré ló nílò lórí ẹrù kọ̀ọ̀kan: Èló ni mo lè tà á níbí? Èló ni wọ́n ń ta irú rẹ̀ lọ́hùn-ún? Èló ni gbígbé rẹ̀ máa gbà?

Ká ní ilé-iṣẹ́ kágò tó bá sọ̀rọ̀ ń gba 6 pọ́n lórí kílò kan. Ìkòkò irin ńlá rẹ̀ wọn kílò 5, owó kágò rẹ̀ jẹ́ 30 pọ́n. Bí irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ 25 pọ́n ní Líìdìsì, tó sì lè rí 8 pọ́n lórí tọwọ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn, 17 pọ́n ló kù tó máa fi kún un láti ra tuntun. Ó yẹ kó tà á. Wàyí o, ẹ wo aṣọ òkè tó fi ṣègbéyàwó. Kílò 2 ni, 12 pọ́n ni kágò. Ẹni tó bá fẹ́ ra odindi ìró, bùbá, ìborùn àti gèlè aṣọ òkè lọ́hùn-ún máa ná owó tó ju ìyẹn lọ fíìfíì, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sẹ́ni tó máa san owó gidi fún èyí tó ti wọ̀ níbí. Aṣọ òkè ń bá a lọ nìyẹn. Ọ̀nà kan náà ni ẹ lè gbà yẹ gbogbo ilé wò. Ẹ óò rí i pé ohun wúwo tó wọ́pọ̀ ló ń kùnà, ohun fúyẹ́ tó ṣọ̀wọ́n ló ń yege.

Ohun kan wà tó máa ń já àwọn èèyàn láyà ní ilé-iṣẹ́ kágò. Nínú kágò tó ń fò, wọ́n máa ń wọn bí páálí ṣe tóbi mọ́ bó ṣe wúwo, èyí tó bá pọ̀ jù ni wọ́n ń gba owó lé lórí. Ìṣirò tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò ni pé kí a fi gígùn, fífẹ̀ àti gíga páálí náà ní sẹ̀ǹtímítà ṣe ìsọdipúpọ̀, ká wá fi 6000 pín in. Páálí tó gùn ní 60, tó fẹ̀ ní 40, tó ga ní 40, kílò 16 ni wọ́n máa kà á sí. Bí nọ́ọ̀sì wa bá kó ìrọ̀rí àti bùláńkẹ́ẹ̀tì sínú rẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ kò ju kílò 6 lọ, owó kílò 16 ló máa san. Ìyẹn ni pé ó ń sanwó afẹ́fẹ́. Ìrọ̀rí kò yẹ kó gun kágò rárá.

Kágò orí omi yàtọ̀, bí ẹrù ṣe gba àyè sí ni wọ́n ń gbowó rẹ̀, kò ka ìwọ̀n sí bẹ́ẹ̀. Ó dára fún ìwé àti ohun èlò ilé tó pọ̀, àmọ́ ó lè pẹ́ ju oṣù kan tàbí méjì lọ kó tó dé. Kí ẹ má fi ohun tí ẹ máa lò lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ síbẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tó bá ń fi ẹrù ilé ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba ní láti mọ̀ nípa fọ́ọ̀mù ToR1. Ilé-iṣẹ́ owó orí wọn, HMRC, ló ń fọwọ́ sí i pé kí ẹni tó ń kó wá gbé síbẹ̀ má san owó aṣọ́bodè àti owó orí ọjà lórí ẹrù rẹ̀. Ẹ ti gbọ́dọ̀ gbé níta Ìlú Ọba fún oṣù 12 tó tẹ̀ léra, ẹrù náà sì ti gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ ti máa lò ó, fún oṣù 6 ó kéré tán. Bí ẹ bá kó o dé, ẹ kò gbọdọ̀ tà á tàbí fi yá ẹlòmíràn láàárín oṣù 12. Kí ẹrù tó gbéra ni kí ẹ ti gba ìfọwọ́sí náà. Àwọn tó máa ń ra nǹkan tuntun lọ́jà Gbági torí kágò, tí wọ́n sì rò pé fọ́ọ̀mù yìí á bò wọ́n, ara wọn ni wọ́n ń tàn, nítorí nǹkan tuntun kò tíì pé oṣù 6 lọ́wọ́ wọn.

Bí nọ́ọ̀sì wa ṣe pín ẹrù rẹ̀ rèé.

Èyí tó wà lọ́wọ́, nínú báàgì kékeré:
– ìwé ìrìnnà, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ìwé àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ, lẹ́tà iṣẹ́ àti ìwé ìgbéyàwó, ojúlówó gbogbo wọn
– ìwé ìwakọ̀ Nàìjíríà, nítorí ó lè fi wakọ̀ fún oṣù 12 lọ́hùn-ún kó tó di dandan kó ṣe ìdánwò tiwọn
– oògùn tó ń lò, nínú ike rẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà dókítà
– kọ̀ǹpútà àgbélétan, wúrà, owó
– páwà báńkì. Èyí kò gbọdọ̀ wọ inú báàgì ńlá rárá, torí bátìrì rẹ̀ lè gbiná. Èyí tí wọ́n kọ 20,000 mAh sí lára jẹ́ 74 Wh, 100 Wh sì ni òdiwọ̀n tí wọn kì í béèrè ìyọ̀ǹda fún.

Èyí tó wà nínú báàgì ńlá méjèèjì:
– aṣọ iṣẹ́, bàtà tó rọ̀ fún ìdúró gígùn, aṣọ àdìrẹ àti aṣọ òkè kan
– èlùbọ́, gàrí, ẹ̀gúsí, ata gígún, irú gbígbẹ tí wọ́n dì lẹ́ẹ̀mẹta
– ẹja gbígbẹ
– ẹ̀rọ ìlọta

Èyí tó ń gun kágò orí omi nígbà tí ọkọ bá ń bọ̀: ìwé, aṣọ òkè yòókù, àwòrán ẹbí, ohun ìṣeré ọmọ mélòó kan.

Èyí tó ń tà: mọ́tò, jẹnẹrétọ̀, fíríìjì, tẹlifíṣọ̀n, bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù gáàsì, ìkòkò ńlá, àga pálọ̀.

Èyí tó ń fi sílẹ̀ fún màmá: ère igi tí bàbá bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀.

Mo fẹ́ ṣàlàyé díẹ̀ nínú wọn. Ẹ̀rọ ìlọta wà nínú báàgì nítorí iná Ìlú Ọba jẹ́ fóòtì 230 bíi tiwa, ẹnu pílọ́ọ̀gì wọn sì jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta onígun mẹ́rin tí a ń lò nílé. Ká ní Kánádà ló ń lọ, fóòtì 120 ni iná wọn, ẹ̀rọ náà kò ní lè lọ ata kankan, títà ni kó ti tà á.

Lórí oúnjẹ, òfin Ìlú Ọba le gan-an lórí ẹran àti wàrà láti Nàìjíríà. Pọ̀ǹmọ́, kílíṣí, ṣúyà, mílíìkì onípáúdà, wọn ò gba ìkankan wọlé, bó ti wù kó gbẹ tó. Ẹja ní tiẹ̀ lè tó kílò 20 láìsí wàhálà. Ata tútù, ewé àti iṣu ń fẹ́ ìwé ẹ̀rí àyẹ̀wò ọ̀gbìn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Gàrí pọ̀ ní Pẹ́kàm àti ní ṣọ́ọ̀bù àwọn èèyàn wa ní Líìdìsì, ó wọ́n ju tiwa lọ ni. Tí kílò bá kù, ẹ kó o. Tí kò bá kù, ẹ má san owó ẹrù àṣerégèé nítorí rẹ̀.

Ẹ wò ó, kò sí ẹ̀wù òtútù nínú báàgì nọ́ọ̀sì. Èyí tó wà lọ́jà Kàtàngúà, ọ̀pọ̀ rẹ̀ láti ibẹ̀ náà ló ti wá, kí ló wà nínú kéèyàn tún sanwó gbé e padà? Kó wọ jákẹ́ẹ̀tì kan sọ́rùn wọ ọkọ̀, nítorí wọn kì í wọn ohun tó wà lára èèyàn, kó wá ra èyí tó nípọn ní ṣọ́ọ̀bù àlòkù lọ́hùn-ún.

Ère igi náà ńkọ́? Bó bá fẹ́ gbé e jáde, ó ní láti gba ìwé lọ́dọ̀ àjọ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Nàìjíríà, NCMM, tó máa fi hàn pé kì í ṣe ohun àtijọ́ tí òfin dè. Ère tuntun máa ń rí ìwé yìí gbà. Ère bàbá bàbá kò dájú, wọ́n sì lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní pápákọ̀. Ọwọ́ màmá ló dáa jù.

Títà náà ní ìgbà tirẹ̀. Ẹ má ta nǹkan kan kí físà tó jáde, ẹni tó ta fíríìjì nítorí ìrètí máa ń padà mu omi gbígbóná. Bí físà bá ti jáde, mọ́tò ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé síta, torí ó ń pẹ́ kó tó tà, ìwé rẹ̀ sì ní láti yí orúkọ padà. Lẹ́yìn náà ni jẹnẹrétọ̀ àti tẹlifíṣọ̀n. Bẹ́ẹ̀dì àti sítóòfù ló ń kẹ́yìn: ẹ bá olùrà sọ ọ́ pé ó lè sanwó báyìí, kó wá gbé e lọ́sẹ̀ tí ẹ ń lọ. Bí olùrà bá fi àlàátì hàn yín lórí fóònù rẹ̀, ẹ má gbé nǹkan fún un. Áàpù báńkì tiyín ni kí ẹ ṣí, kí ẹ rí owó níbẹ̀ kó tó gbé ẹrù. Àlàátì òfegè ti sọ ọ̀pọ̀ èèyàn di ẹni tó ń wojú olè.

Ó ku ẹrù tí kì í ṣe tiyín. Bí ìròyìn bá ti tàn pé ẹ ń lọ, àǹtí kan á ní kí ẹ bá òun gbé èlùbọ́ díẹ̀ fún ọmọ òun, ọ̀rẹ́ kan á gbé páálí tí wọ́n ti lẹ̀ pinpin dé. Báàgì tó bá ní orúkọ yín lára, ẹ̀yin ni NDLEA máa mú bí oògùn olóró bá wà nínú rẹ̀, ẹ̀yin náà sì ni aṣọ́bodè Ìlú Ọba máa bi. Ẹ tú gbogbo rẹ̀ síta lójú ẹni tó gbé e wá, ẹ gbọn èlùbọ́ jáde kúrò nínú ọ̀rá, ẹ fọwọ́ yín dì í padà. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ẹ tú u, ẹ gbé ẹrù rẹ̀ fún un, kó máa gbé e lọ.