Ìyá Ìbejì, Àmúlùmálà Kẹ́hìndé Kì í Ṣe Àbùkù

Ìyá Ìbejì,

Mo rí ìwé tí ẹ kọ ránṣẹ́ pé kí n bá Kẹ́hìndé wí, torí pé kò gbọ́ Yorùbá já, kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì já, ńṣe ló ń po méjèèjì pọ̀. Ẹ má bínú, mi ò ní bá a wí.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ó sọ fún mi pé: "Àǹtí, mo ti fínìṣì họ́múwọ́ọ̀kì mi, àwọn búùkù mi ló wà nílé." Ẹ jẹ́ ká tú u wò. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni "fínìṣì", àmọ́ "ti" ló fi sọ pé iṣẹ́ ti parí, kò sì so ìrù Gẹ̀ẹ́sì kankan mọ́ ọn. Ẹ̀yìn họ́múwọ́ọ̀kì ló fi "mi" sí, bí ẹ̀yin náà ṣe máa ń fi í sí. Iwájú ni Gẹ̀ẹ́sì ì bá fi í sí. Ìwé rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, "àwọn" ló sì fi sọ ọ́. Yorùbá ló to gbólóhùn yẹn láti òkè délẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá já kò lè tò ó bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún 1980, onímọ̀ èdè kan, Shana Poplack, kọ ohun tó rí lára àwọn ará Puerto Rico ní New York, tí wọ́n ń sọ èdè Sípáníìṣì àti Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó gbọ́ èdè méjèèjì dáadáa ló ń dà wọ́n pọ̀ jù láàárín gbólóhùn kan ṣoṣo, wọn kì í sì í sábà ba òfin èdè kankan jẹ́.

Nígbà tí mo fi àwòrán han Kẹ́hìndé, Yorùbá ló fi pe orógùn, odó àti ajẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló fi pe rúlà àti dẹ́sìkì. Ilé ló ti bá tàkọ́kọ́ pàdé, kíláàsì ló ti bá tìkejì. Ẹni tó bá ka ti èdè kan ṣoṣo á ní ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí màmá yín àgbà wá mú un, ẹ bá gbọ́ Yorùbá tó bá wọn sọ, kò lábùlà.

Ìdánwò ò ní gba àmúlùmálà o, ìyẹn dá mi lójú. Torí náà, mo máa ń jẹ́ kó kọ́kọ́ sọ ìtàn rẹ̀ bó ṣe wá sí i lẹ́nu, ká tó jọ tún un sọ ní Yorùbá nìkan. Nílé, tó bá ní òun fẹ́ wáàṣì pléètì, ẹ má dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹ kàn dáhùn pé, "Ó dáa, fọ abọ́ náà, kí o sì dojú rẹ̀ délẹ̀." Á gbọ́ ọ.

Táíwò tí ẹ ní kì í da èdè pọ̀ ló ń kọ mí lóminú. Kì í lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá tẹ̀ léra wọn, ní Yorùbá tàbí ní Gẹ̀ẹ́sì. Tí mo bá sì pè é láti ẹ̀yìn, kì í wẹ̀yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un lọ sílé ìwòsàn lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò.

Èmi ni,
Àǹtí kíláàsì wọn