Nígbà Tí Aṣọ Bá Gbówó Lórí: Ohun Tó Yẹ Kí Aránṣọ Kọ sí Oníbàárà

Ẹni tó gbé iṣẹ́ fún aránṣọ, tó sì ní kó bá òun ra aṣọ, ti fi owó méjì sínú àdéhùn kan. Àkọ́kọ́ ni owó aṣọ, tí ọjà ń pinnu. Ìkejì ni owó iṣẹ́, tí aránṣọ fúnra rẹ̀ ń pinnu. Bí wọ́n bá kàn fẹnu kò sí iye kan láìya méjèèjì sọ́tọ̀, wàhálà dé lọ́jọ́ tí ọjà bá yí padà. Aránṣọ á ní aṣọ ti wọ́n, oníbàárà á ní wọ́n fẹ́ rẹ́ òun jẹ. Lẹ́tà kan ṣoṣo lè yanjú ọ̀rọ̀ náà, bí ó bá fi hàn kedere èwo ló lé, èwo ló sì dúró síbi tó wà.

Kí ló ń mú kí owó aṣọ yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀? Púpọ̀ nínú aṣọ tí à ń rà ní Balógun l'Ékòó tàbí ní Gbági n'Íbàdàn, òkè òkun ló ti ń wá. Láti Ṣáínà ni ọ̀pọ̀ ańkárá àti gíní ti ń wọlé, ilẹ̀ Ọ́síríà sì ni ọ̀pọ̀ lẹ́ẹ̀sì olówó ńlá ti ń wá. Owó ilẹ̀ òkèèrè ni àwọn tó ń kó wọn wọlé fi ń rà wọ́n. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2023, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbà kí ọjà máa pinnu iye náírà. Ṣáájú ọjọ́ náà, dọ́là kan kò tó náírà 480 ní báńkì; nígbà tí oṣù kejì ọdún 2024 fi ń parí lọ, ó ti kọjá náírà 1,500. Oníṣòwò aṣọ kì í sì wo iye tó ra èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nìkan. Iye tí yóò fi ra òmíràn dípò rẹ̀ ló ń wò, torí bí ó bá tà á ní iye àná, owó tó kó jọ kò ní tó láti padà sọ́jà. Ìdí nìyẹn tí aṣọ tó ti wà lórí pẹpẹ tẹ́lẹ̀ náà fi ń gbówó lórí.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Bàbá ìyàwó kan fẹ́ rán agbádá gíní, bùbá, ṣòkòtò àti fìlà. Aránṣọ ní yáàdì mẹ́wàá ni yóò gbà. Iye yáàdì kan lọ́jọ́ tí wọ́n sọ̀rọ̀ jẹ́ ₦4,500, gbogbo rẹ̀ sì já sí ₦106,000. Bàbá san ₦30,000 sílẹ̀. Kí ó tó san owó mìíràn, gíní yẹn ti di ₦6,300. Lẹ́tà tí aránṣọ lè kọ nìyí:

*Bàbá Ìyàwó wa, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ìnáwó. Olúwa yóò jẹ́ kí ọjọ́ náà bá wa láyọ̀.*

*Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀rọ̀ aṣọ yín ni mo fi ń kọ̀wé yìí. Lọ́jọ́ tí a ṣe àdéhùn, ₦4,500 ni yáàdì gíní tí ẹ mú. Nígbà tí mo padà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á ní àná, ó ti di ₦6,300. ₦30,000 tí ẹ san kò tó ra yáàdì mẹ́wàá, ẹni tó ń tà á kò sì gbà láti fi iye àtijọ́ dúró dè wá. N kò tíì ra aṣọ náà, n kò sì ní í rà á láìgbọ́ lẹ́nu yín.*

*Bí owó ṣe rí nísinsìnyí nìyí:*

*Gíní, yáàdì mẹ́wàá: ₦45,000 tẹ́lẹ̀, ₦63,000 báyìí.*
*Òwú àti aṣọ líle tí à ń lẹ̀ mọ́ ọrùn: ₦6,000 tẹ́lẹ̀, ₦7,500 báyìí.*
*Iṣẹ́ ọnà ọrùn àti àyà: ₦25,000, kò yí padà.*
*Owó ìránṣọ: ₦30,000, kò yí padà.*
*Àpapọ̀ tuntun: ₦125,500. Ohun tó lé jẹ́ ₦19,500.*
*Ẹ ti san ₦30,000. Ó ku ₦95,500.*

*Bí èyí bá pọ̀ jù, gíní mìíràn wà ní àwọ̀ kan náà, tí kò nípọn tó ti àkọ́kọ́. ₦4,800 ni yáàdì rẹ̀. Bí ẹ bá mú ìyẹn, àpapọ̀ yóò jẹ́ ₦110,500, yóò sì ku ₦80,500. Bí ẹ bá sì fẹ́ fà sẹ́yìn, màá dá ₦30,000 yín padà.*

*Ẹni tó ń tà á gbà láti fi iye yìí dúró títí di ọjọ́ Sátidé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ kó tó dìgbà náà. Ẹ ṣé púpọ̀ sà.*

*Èmi ni, aránṣọ yín.*

Ẹ wò ó bí ìṣirò yẹn ṣe lọ. Gíní fi náírà 40 lé lórí ọgọ́rùn-ún náírà kọ̀ọ̀kan. Aránṣọ tó bá fi bẹ́ẹ̀ lé gbogbo owó náà yóò béèrè ₦148,400. Ìyẹn fi ₦22,900 ju ohun tó tọ́ lọ, torí ó ti fi owó aṣọ gbé owó ọwọ́ tirẹ̀ sókè pẹ̀lú. Níbi tí ọ̀pọ̀ oníbàárà ti ń pàdánù nìyí, torí wọ́n mọ̀ pé aṣọ ti wọ́n lóòótọ́, wọn kò sì béèrè apá ibi tí owó náà ti lé. Àmọ́ nínú lẹ́tà wa, gbogbo ohun tó lé kò tó ìdá kan nínú márùn-ún owó àkọ́kọ́.

Ó lè jẹ́ pé epo jẹnẹrétọ̀ tàbí owó ṣọ́ọ̀bù ti wọ aránṣọ lọ́rùn lóòótọ́. Kò sí ohun tó burú bí ó bá fi kún owó iṣẹ́, ṣùgbọ́n kó kọ ọ́ lórí ìlà tirẹ̀, kó sì jẹ́ fún iṣẹ́ tí wọn kò tíì dúnàádúrà lé. Fífi í pamọ́ sábẹ́ owó aṣọ ni kò dára.

Ohun tó gbé lẹ́tà yìí ró ju gbogbo rẹ̀ lọ ni gbólóhùn tó ní ₦30,000 kò tó ra aṣọ náà. Ká ní ₦50,000 ni Bàbá san lọ́jọ́ àkọ́kọ́, owó aṣọ ti pé lọ́wọ́ aránṣọ nìyẹn. Bí kò bá tètè lọ rà á, tí ọjà sì yí padà, òun ló yẹ kó ru àfikún náà. Bákan náà ni aránṣọ tó ti ra aṣọ ní iye àtijọ́ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gba iye tuntun lórí rẹ̀. Nítorí náà, ọjọ́ mẹ́ta ni oníbàárà gbọ́dọ̀ mọ̀: ọjọ́ àdéhùn, ọjọ́ tí owó wọlé, àti ọjọ́ tí wọ́n ra aṣọ. Rìsíìtì ẹni tó ta aṣọ ló máa ń fi èyí tó kẹ́yìn hàn, kò sì burú láti fi ọ̀wọ̀ béèrè fún un.

Ẹ tún kíyè sí iye yáàdì. Bí aṣọ bá wọ́n, tí yáàdì mẹ́wàá sì tún di méjìlá nígbà tí ara ẹni tí wọ́n wọ̀n kò yí padà, ẹ béèrè ìdí. Ẹ sì ṣọ́ra fún ìròyìn owó tó dé lẹ́yìn tí aránṣọ ti gé aṣọ, torí nígbà yẹn, oníbàárà kò lè mú aṣọ mìíràn mọ́, kò sì lè fà sẹ́yìn.

Ìwé ọjọ́ àkọ́kọ́ lè mú kí lẹ́tà yìí má tilẹ̀ pọn dandan. Kí aránṣọ ya owó aṣọ sọ́tọ̀ nínú ìwé àdéhùn, kó ní kí oníbàárà san gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kó sì kọ ọ́ pé: "Iye aṣọ yìí dúró fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí owó aṣọ bá pé lọ́wọ́ mi kí ọjọ́ náà tó kọjá, kò ní í lé mọ́."