Ṣé O Mọ̀ Pé Lẹ́tà Pupa Lè Sọnù Sínú Àwọ̀ Ewé?

Ṣé o mọ̀ pé tí o bá fi fọ́tòkọ́pì aláwọ̀ dúdú àti funfun ṣe ẹ̀dà àsíá ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ààlà kan nínú rẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá pátápátá? Àwa tí a ń gbé ní Ayétòrò àti ní Yewa yòókù mọ àsíá náà, torí ẹnubodè kò jìnnà sí wa. Àwọ̀ ewé dúró lóòró lẹ́bàá òpó, yẹ́lò wà lókè, pupa wà nísàlẹ̀. Nínú fọ́tòkọ́pì, yẹ́lò yóò mọ́ ketekete, ṣùgbọ́n ojú rẹ kò ní rí ibi tí àwọ̀ ewé parí sí kí pupa tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà ya àsíá yìí sábà máa ń lo `#008751` fún àwọ̀ ewé àti `#E8112D` fún pupa. Àjọ W3C, tó ń ṣe òfin bí ojú ewé orí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe yẹ kó rí, ní ìṣirò kan tí a fi ń wọn bí àwọ̀ méjì ṣe yàtọ̀ síra ní ìmọ́lẹ̀:

```
(L1 + 0.05) / (L2 + 0.05)
```

L ni ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Funfun jẹ́ 1, dúdú jẹ́ 0, èyí tó mọ́lẹ̀ jù nínú méjèèjì ló sì máa ń wà lókè. Dúdú lórí funfun ń mú 21 wá, kò sì sí èyí tó lè ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọ̀ ewé àsíá yẹn jẹ́ 0.179, pupa rẹ̀ jẹ́ 0.177. Èsì ìṣirò wọn kò ju 1.01 lọ. Òfin W3C ń béèrè 4.5, ó kéré tán, fún lẹ́tà kékeré, àti 3 fún lẹ́tà ńlá. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ṣe ìṣirò yìí fún, yíǹkì àti aró aṣọ kò sì ní bá a mu gẹ́lẹ́, àmọ́ ọ̀nà tó ń tọ́ka sí náà ni ojú wa ń tọ̀. Ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ ni ojú fi ń mọ etí lẹ́tà. Tí ìmọ́lẹ̀ méjì bá dọ́gba, etí lẹ́tà á máa gbọ̀n lójú bíi pé ó ń rìn.

Kò sí àléébù lára àsíá fún èyí, nítorí a kì í ka àsíá bí ẹni ka ìwé. Ibi tó ti di àléébù ni pósítà.

Ẹ jẹ́ ká yẹ báńà kan wò, irú èyí tí ó pọ̀ lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta sí Ayétòrò. Ká ní ẹnì kan ń ta igi ẹ̀gẹ́ fún gbíngbìn. Ó ní kí wọ́n fi oko ẹ̀gẹ́ tútù ṣe ìpìlẹ̀ báńà, kí wọ́n fi pupa kọ ọjà rẹ̀ sórí rẹ̀, torí pupa ń pe èèyàn. Ó kó fọ́tò mẹ́fà sí i: òun fúnra rẹ̀, ìyàwó rẹ̀, katakata, òkìtì igi ẹ̀gẹ́ méjì, àti ọkọ̀ tí ń kó ẹrù. Nọ́ńbà fóònù wà nísàlẹ̀, yẹ́lò lórí funfun.

Nọ́ńbà fóònù ni kí a kọ́kọ́ mú. Yẹ́lò pọ́ńbélé lórí funfun jẹ́ 1.07 péré. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí oníbàárà fi lè rí ẹni tó ń tajà ti dí nìyẹn. Yẹ́lò yẹn kan náà lórí dúdú ju 19 lọ. Àwọ̀ yẹ́lò kò burú, ibi tí wọ́n gbé e sí ló burú.

Lẹ́yìn náà, lẹ́tà pupa lórí oko. Ayàwòrán tó mọṣẹ́ á rí i pé kò hàn, á sì fi ìlà funfun yí lẹ́tà ká. Èyí ṣiṣẹ́ díẹ̀, torí funfun lórí àwọ̀ ewé àsíá yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 4.6. Àmọ́ tí ìlà náà bá nípọn jù, ó ń dí ihò inú lẹ́tà, ó sì ń gbé àmì ìsàlẹ̀ àti àmì òkè mì. Ká kúkú fi lẹ́tà funfun kọ ọ́ lórí àwọ̀ ewé tó ṣú, tí kò ní fọ́tò lábẹ́, ló dára jù.

Ṣé o mọ̀ pé ẹ́ tó wà nínú ẹ̀gẹ́ kò ní àyè tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan ṣoṣo nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà? Ẹ tó ní àmì ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ kọ, kí wọ́n tó fi àmì ohùn òkè lé e. Fọ́ǹtì tí wọn kò ṣe dáadáa á gbé àmì náà sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí ó fi àpótí òfìfo dípò rẹ̀. Tí ìlà ọ̀rọ̀ bá tún sún mọ́ra jù, àmì ohùn ìlà kejì á gun àmì ìsàlẹ̀ ìlà kìíní. Mo fẹ́ kí àwọn atẹ̀wé wa gba èyí gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ gidi: fi àyè sílẹ̀ láàárín ìlà ju èyí tí kọ̀ǹpútà fún ọ lọ, kí o sì tẹ ọ̀rọ̀ tó ní ẹ́, ọ̀ àti ṣ wò kí o tó yan fọ́ǹtì.

Ṣé o mọ̀ pé ọlọ́kadà tó ń sá 40 kìlómítà ní wákàtí kan ń kọjá mítà 11 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan? Àwọn tó ń ṣe pátákó ní òṣùwọ̀n kan: lẹ́tà tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 2.5 ṣeé kà pẹ̀lú ìrọ̀rùn láti mítà 3. Lẹ́tà sẹ̀ǹtímítà 15, nígbà náà, ń dé mítà 18. Nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan ààbọ̀ péré ni ọlọ́kadà wa ní láti kà á. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló lè gbé lọ: IGI Ẹ̀GẸ́ WÀ. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ni nọ́ńbà wà fún. Ní ti fọ́tò mẹ́fà yẹn, ojú èèyàn ni ojú wa máa ń kọ́kọ́ wò, nítorí náà ọ̀gá àti ìyàwó rẹ̀ ń bá ọjà wọn du ojú oníbàárà. Fọ́tò òkìtì igi ẹ̀gẹ́ kan tó.

Ṣé o mọ̀ pé àsíá Nàìjíríà ní ìtàn irú yíyọ bẹ́ẹ̀? Nínú iṣẹ́ tí Táíwò Akínkúnmi fi ránṣẹ́ síbi ìdíje àsíá náà, oòrùn pupa kan wà láàárín apá funfun. Àwọn adájọ́ yọ ọ́ kúrò, wọ́n sì fi funfun sílẹ̀ lásán. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ta á ní ọjọ́ kìíní oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 1960.

Oòrùn ojú ọ̀run náà ní tirẹ̀. Nínú yíǹkì mẹ́rin tí a fi ń tẹ̀wé aláwọ̀, yẹ́lò àti mọ̀gẹ́ńtà ló sábà máa ń kọ́kọ́ ṣá. Àwọn méjèèjì yìí ni wọ́n pò di pupa. Ìdí nìyẹn tí pósítà tó ti pẹ́ lára ògiri fi máa ń di aláwọ̀ búlúù, tí àkọlé pupa á ti lọ tán, tí dúdú á sì ṣì dúró. Ohun tí o bá fẹ́ kó pẹ́, bíi nọ́ńbà àti ọjọ́, fi dúdú kọ ọ́.

Tí o bá fẹ́ tẹ báńà, bẹ atẹ̀wé pé kó kọ́kọ́ fi ẹ̀dà aláwọ̀ dúdú àti funfun hàn ọ́ lórí fóònù. Na apá rẹ tán, di ojú rẹ díẹ̀, kí o sì kà á. Ohun tí o kò bá rí kà níbẹ̀, má sanwó fún un títí tí yóò fi tún un ṣe.