Ẹ Sún Un, Ẹ Yọ Ọ́ Kúrò

Ẹ wo ìròpọ̀ yìí dáadáa:

S = 1/2 + 2/4 + 3/8 + 4/16 + 5/32 + ...

Nọ́ńbà tó wà lókè ń fi 1 lé síra wọn: 1, 2, 3, 4, 5. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ń di ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan: 2, 4, 8, 16, 32. Òkè ń pọ̀ sí i, ìsàlẹ̀ náà ń pọ̀ sí i, ìsàlẹ̀ ló kàn ń sáré jù. Tí a bá ń rò wọ́n pọ̀ lọ láìdúró, ibo ni yóò já sí?

Ìbéèrè àtijọ́ ni. Ní nǹkan bí ọdún 1350, Richard Swineshead, ọ̀mọ̀wé kan ní Merton College ní Oxford, gbé e yẹ̀ wò báyìí: ká ní agbára ohun kan jẹ́ 1 ní ìdajì àkọ́kọ́ nínú àkókò kan, ó jẹ́ 2 ní ìdá mẹ́rin tó tẹ̀ lé e, ó jẹ́ 3 ní ìdá mẹ́jọ tó tún tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ni agbára náà jẹ́ tí a bá pín in dọ́gba kárí gbogbo àkókò ọ̀hún? Ó ní 2 ni, kò lé, kò dín. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló fi ṣàlàyé rẹ̀, àlàyé náà sì gùn gan-an. Nicole Oresme tó jẹ́ ará Faransé, tí òun náà gbé láyé nígbà yẹn, fi àwòrán ṣe tirẹ̀: ó gé igun mẹ́rin ọlọ́gbọọgba sí wẹ́wẹ́, ó tò wọ́n léra títí wọ́n fi di ilé gogoro tí kò lópin lókè, síbẹ̀ tí ilẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ kò ju ti igun mẹ́rin méjì lọ.

Lóde òní, ìlà mẹ́ta péré la fi ń ṣe é. Ẹ mú pépà. Ẹ kọ S sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi 1/2 sọ gbogbo rẹ̀ dipúpọ̀, nítorí 1/2 ni nọ́ńbà ìlọ́po tó ń gbé wa láti ìsàlẹ̀ kan dé èkejì. Ẹ kọ èsì rẹ̀ sábẹ́ S, ṣùgbọ́n ẹ sún un lọ sápá ọ̀tún ní ìwọ̀n àyè kan, kí àwọn tí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ wọn bá dọ́gba lè wà lábẹ́ ara wọn:

```
S    = 1/2 + 2/4 + 3/8 + 4/16 + ...
S/2  =       1/4 + 2/8 + 3/16 + ...
S/2  = 1/2 + 1/4 + 1/8 + 1/16 + ...
```

Ìlà kẹta ni ohun tó ṣẹ́ kù nígbà tí a yọ ìlà kejì kúrò lára ìlà àkọ́kọ́. Lábẹ́ 4, 2/4 yọ 1/4 ku 1/4. Lábẹ́ 8, 3/8 yọ 2/8 ku 1/8. Gbogbo 1, 2, 3, 4 tó ń yọ wá lẹ́nu lókè ti di 1 ṣoṣo. Ìdajì, ìdajì ìdajì, ìdajì èyí tó kù: ẹni tó bá ń jẹ ìdajì ohun tó kù nínú búrẹ́dì kan ṣoṣo yóò jẹ búrẹ́dì náà tán, kò sì ní jẹ ju ẹyọ kan lọ. Nítorí náà S/2 = 1, S sì jẹ́ 2. Nọ́ńbà Swineshead nìyẹn.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀nà yìí kì í ṣe pé ó kúrú. Ohun tó wà nídìí rẹ̀ ni. Nígbà tí a sún ìlà náà tí a sì yọ ọ́ kúrò, ohun tí a ń ṣe sí nọ́ńbà òkè ni pé a ń wá ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹnì kọ̀ọ̀kan àti èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín 1, 2, 3, 4 kì í yí padà. Bí nọ́ńbà òkè bá wá le ju bẹ́ẹ̀ lọ ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fi n lọ́nà n sókè, ìyẹn 1, 4, 9, 16, 25:

T = 1/2 + 4/4 + 9/8 + 16/16 + 25/32 + ...

A tún fi 1/2 sọ ọ́ dipúpọ̀, a sún un, a yọ ọ́ kúrò. Lókè, 4 yọ 1 ku 3. 9 yọ 4 ku 5. 16 yọ 9 ku 7. Ohun tó ṣẹ́ kù ni:

T/2 = 1/2 + 3/4 + 5/8 + 7/16 + 9/32 + ...

Kò tíì tán, ṣùgbọ́n ìṣòro náà ti fúyẹ́. A bá n lọ́nà n wọlé, ohun tó jáde wá kò ju nọ́ńbà tó ń fi 2 lé síra wọn. Ẹ jẹ́ ká pe tuntun yìí ní U, ká sì ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i:

```
U    = 1/2 + 3/4 + 5/8 + 7/16 + ...
U/2  =       1/4 + 3/8 + 5/16 + ...
U/2  = 1/2 + 2/4 + 2/8 + 2/16 + ...
```

Ẹ dúró díẹ̀ síbi 1/2 tó ṣáájú nínú ìlà tó kẹ́yìn yìí, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣubú. Gbogbo àwọn tó kù ní 2 lókè, ọwọ́ á sì fẹ́ sáré kọ 2/2 síwájú wọn. Ṣùgbọ́n kò sí ohunkóhun lábẹ́ ẹni àkọ́kọ́, nítorí a ti sún ìlà kejì. A ò yọ nǹkan kan kúrò lára rẹ̀. Bó ṣe wà ló ṣe wà. Nítorí náà U/2 jẹ́ 1/2 pẹ̀lú ìlọ́po méjì 1/4 + 1/8 + 1/16 + ..., èyí tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1/2. Ó di 1/2 + 1, ìyẹn 3/2. U jẹ́ 3, T sì jẹ́ 6.

Ẹni tó kọ 2/2 yóò rí 8. Báwo ló ṣe máa mọ̀ pé ó ti ṣìnà? Kó ro ẹni mẹ́wàá àkọ́kọ́ nínú T pọ̀ lórí ẹ̀rọ ìṣirò. Yóò rí nǹkan bí 5.857. Tó bá ro ogún, yóò rí 5.9995. Àròpọ̀ náà ń sún mọ́ 6, kò sì ní ohun tó máa gbé e dé 8. Mi ò mọ àyẹ̀wò mìíràn tó rọrùn tó èyí.

Jacob Bernoulli rí 6 yìí ní ìlú Basel, nínú iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ jáde lọ́dún 1689 lórí àwọn ìròpọ̀ tí kò lópin. Ó tún lọ síwájú sí ti n lọ́nà n lọ́nà n, ìyẹn 1, 8, 27, 64, ó sì rí 26. Ẹ̀yin náà lè rí i báyìí, láìbẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ pe èyí ní V. Ìyàtọ̀ àárín àwọn nọ́ńbà òkè rẹ̀ jẹ́ 1, 7, 19, 37, tí a lè kọ báyìí: 3n² − 3n + 1. Ẹ wò ó: n², n, àti 1 lásán ni. Gbogbo wọn la ti mọ àpapọ̀ wọn: 6, 2, àti 1. Nítorí náà:

V/2 = 3×6 − 3×2 + 1 = 13

V sì jẹ́ 26. Bí a ṣe ń gòkè nìyẹn: ohun tí a ṣírò lánàá la fi ń ṣírò tòní. Bí nọ́ńbà òkè bá jẹ́ pọ́línómíà èyíkéyìí, ìyọkúrò kọ̀ọ̀kan ń dín agbára tó ga jù nínú rẹ̀ kù ní ẹyọ kan, títí yóò fi ku nọ́ńbà kan tí kì í yí padà.

Títí di ibí yìí, ìròpọ̀ wa kò ní òpin. Èyí tó lópin ní ewu tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣe 1×2 + 2×4 + 3×8 títí dé 10×1024. Nọ́ńbà ìlọ́po jẹ́ 2 báyìí. Bí a bá fi 2 sọ ọ́ dipúpọ̀ tí a sún un, ìlà kejì yóò yọ jáde lápá ọ̀tún: 10×2048 kò ní ẹnikẹ́ni lórí. Ọ̀pọ̀ ló máa ń gbàgbé rẹ̀. Tí a bá kọ ọ́ pẹ̀lú rẹ̀, yóò jẹ́:

S − 2S = (2 + 4 + 8 + ... + 1024) − 10×2048 = 2046 − 20480 = −18434

S jẹ́ 18434. Ẹ fi ìwọ̀nba yẹ ọ̀nà náà wò: tó bá jẹ́ mẹ́ta péré la rò, 2 + 8 + 24 jẹ́ 34, ọ̀nà wa fún wa ní 14 − 48, tó jẹ́ −34, S sì di 34. Ó bára mu.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó kẹ́yìn yẹn nígbà tí a ń ṣe S tí kò lópin? Kò sọ nù o. Ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń kéré lọ sí òfo. Tí a bá dúró lórí ẹni kẹwàá, ohun tó yọ jáde jẹ́ 10/2048. Tó bá jẹ́ ẹni ogún, ó jẹ́ 20/2097152. A lè jẹ́ kó lọ. Tí ìlọ́po bá jẹ́ 2, ńṣe ló ń pọ̀ sí i, ẹni tó bá sì ṣe bí ẹni pé kò sí yóò rí ohun ìyanu. Bó bá ṣe 1×2 + 2×4 + 3×8 + ... láìní òpin, tó sì lo ọ̀nà wa láìwo ẹ̀yìn, yóò rí 2, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹni méjì àkọ́kọ́ nìkan ti di 10. Ìlọ́po gbọ́dọ̀ kéré ju 1 kí a tó lè pa ẹni tó kẹ́yìn tì. Bó bá jẹ́ 1 gan-an, ìlà tí a sún kò yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀ ní ìlọ́po, S yọ S á sì di òfo, kò ní sí S mọ́ láti wá.

Kí ìlọ́po kéré ju 1 kò sì túmọ̀ sí pé nǹkan máa yá. Ẹ fi 9/10 dípò 1/2: 1×0.9 + 2×0.81 + 3×0.729 + ... Ìyọkúrò kan ṣoṣo fún wa ní S/10 = 0.9 + 0.81 + 0.729 + ..., tó jẹ́ 9, nítorí náà S jẹ́ 90. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ẹ̀rọ ìṣirò yẹ̀ ẹ́ wò lè rò pé a purọ́ fún òun. Àwọn ẹni náà ń ga sí i ní ìbẹ̀rẹ̀ ni: ẹni kẹsàn-án àti ẹni kẹwàá dọ́gba, nǹkan bí 3.487 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Tó bá ro mẹ́wàá pọ̀, nǹkan bí 27.2 ló máa rí. Tó bá ro àádọ́ta, nǹkan bí 87.2. Níbi tí ìlọ́po bá ti sún mọ́ 1 báyìí, kó ro ẹni tó pọ̀ dáadáa kó tó dá ìṣirò orí pépà lẹ́bi.