Ẹ̀fọn Méjì Láti Kólókópé

Ẹ̀fọn mẹ́jọ ni wọ́n kó wá sí yàrá ìwádìí kan ní Lómè, láti Kólókópé, abúlé olóko òwú nítòsí Aníé, lápá àríwá Atakpamé. Ojú lásán kò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Nínú DNA wọn ni ìyàtọ̀ wà. Ọ̀nà kan tí àwọn onímọ̀ tẹ̀ jáde ní 2008 máa ń ṣe ẹ̀dà ègé DNA kan: bí ẹ̀fọn bá jẹ́ Anófẹ́lísì kólúsì, ègé náà á gùn tó bésì 479, ti Anófẹ́lísì gámbíè jẹ́ 249, ti àrábíẹ́nsìsì sì jẹ́ 223.

Obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ náà wọn gíráàmù 1.5 àgarósì sínú mìlílítà 100 omi TAE, ó sè é títí ó fi mọ́ gaara, ó dà á sínú àwo, ó sì dì bí ẹ̀kọ. Nígbà tí iná ń fa DNA kọjá nínú rẹ̀, ègé kúkúrú ló ń yọ́ gba àárín ihò yára jù. Lẹ́yìn náà ni ó rẹ ẹ̀kọ ọ̀hún sínú ẹtídíọ̀mù fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó sì gbé e sórí iná àwọ̀ àlùkò tí ojú ènìyàn kì í rí.

Ìlà àkàbà yọ níbi kọ̀ọ̀kan tí bésì fi 100 lé síra. Ìlà 500 ló mọ́lẹ̀ jù, ibẹ̀ la sì ti bẹ̀rẹ̀ sí kà. Ẹ̀fọn mẹ́fà wà lábẹ́ rẹ̀ díẹ̀: kólúsì ni wọ́n. Méjì tó kù bọ́ sáàárín 200 àti 300. Mo ní gámbíè ni.

"Ẹ má yára, ẹ̀gbọ́n. Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n," obìnrin náà wí fún mi.

Mìlímítà mẹ́rin péré ló wà láàárín ìlà 200 àti 300. Ibi tí DNA dé kì í bá gígùn rẹ̀ dọ́gba lọ: agbedeméjì wọn kì í ṣe 250, nǹkan bí 245 ni. Nítorí náà 249 á wà ní bíi mìlímítà méjì sí ìlà 200, 223 á sì wà ní mìlímítà kan. Ìlà àwọn ẹ̀fọn náà fúnra rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà kan. Ẹnikẹ́ni tó bá pe orúkọ níbẹ̀, ìméfò lásán ló ń ṣe.

Obìnrin náà se òmíràn, gíráàmù 3 nínú mìlílítà 100. Eléyìí ki, ó sì ń hó bí ọṣẹ, obìnrin náà sì ní láti dúró kí híhó rẹ̀ rọlẹ̀ kí ó tó dà á. Ó fi àpẹẹrẹ gámbíè àti àrábíẹ́nsìsì tí a ti mọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àwọn méjèèjì, ó sì fi omi lásán sínú ihò kan; bí ìlà bá yọ níbẹ̀, a jẹ́ pé DNA mìíràn ti ta sí i. Nígbà tó yá, àlàfo 200 sí 300 di mìlímítà mẹ́wàá. Ìlà àwọn ẹ̀fọn méjèèjì wà ní mìlímítà márùn-ún ààbọ̀ lókè 200, wọ́n ṣe déédéé pẹ̀lú àpẹẹrẹ gámbíè. Ti àrábíẹ́nsìsì wà nísàlẹ̀, ní bíi mẹ́ta. Ihò omi ṣófo.

Ó kọ ọ́ sínú ìwé: kólúsì mẹ́fà, gámbíè méjì.