Aṣọ kún kọ́bọ́ọ̀dù, àmọ́ èyí tí wọ́n máa wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ni wọn ò rí!

Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ obìnrin ló máa ń pariwo pé àwọn ò láṣọ iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù wọn ò ṣeé pa dé mọ́. Aṣọ wọn ò kéré rárá, wọn ò bára wọn mu ni. Fọ́tò ló sì máa ń tú àṣírí ọ̀rọ̀ yìí.

Tó bá di ọ̀sán Sátidé, ẹ tẹ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun sílẹ̀ nítòsí fèrèsé, kẹ́ ẹ pa iná gílóòbù. Ẹ̀tàn wà nínú iná yẹn, ó lè mú kí búlúù tó ki jọ dúdú, kí funfun sì jọ kírímù. Èyí tó ti ya tàbí tó ti fún yín, ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀. Ẹ wá fi fóònù ya àwọn yòókù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, lójú kan náà.

Aṣọ ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú, nítorí òun ló ń gbé tòkè. Ẹ jẹ́ ká sọ pé obìnrin kan mú mẹ́ta: ṣòkòtò dúdú, síkẹ́ẹ̀tì búlúù tó ki àti síkẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ eérú. Ó wá mú tòkè márùn-ún: ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ṣẹ́ẹ̀tì búlúù fẹ́ẹ́rẹ́, búláòsì kírímù, búláòsì aláwọ̀ wáìnì àti búláòsì àǹkárá tó ní ìyeyè àti ewéko.

Kó fa ìlà sórí ìwé, kó kọ ìsàlẹ̀ mẹ́ta sókè, kó kọ tòkè márùn-ún sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kó máa wo fọ́tò wọn ní méjì-méjì, kó sì máa mààkì àwọn tó bára wọn mu. Bí gbogbo wọn bá bára mu, ìmúra 15 ni. Ṣùgbọ́n àǹkárá yẹn ò bá síkẹ́ẹ̀tì méjèèjì lọ, ṣòkòtò dúdú nìkan ló gbà á. Ó ku 13. Ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń wọ aṣọ ìbílẹ̀ ní Fúráìdé, Mọ́ńdè sí Tọ́sìdeè ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jẹ́ ọjọ́ 12. Aṣọ mẹ́jọ péré ti kárí ẹ̀, ọ̀kan tún ṣẹ́kù!

Ṣùgbọ́n fọ́tò ò lè sọ gbogbo ẹ̀ o. Kò ní í sọ pé ṣẹ́ẹ̀tì funfun ń fi inú hàn, tàbí pé síkẹ́ẹ̀tì máa ń sún sókè téèyàn bá jókòó. Ẹ wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ jókòó, ẹ gbé ọwọ́ sókè, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra tuntun lọ́jà, ẹ gbé fọ́tò ìsàlẹ̀ mẹ́ta yẹn síwájú ẹ̀. Tí kò bá bá méjì nínú wọn mu, bó ti wù kó rẹwà tó, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.